Bí a ṣe ń fi ìbòjú àìmọ̀ ṣe ìdájọ́ ètò ìrànwọ́ ìjọba nínú àròkọ: òfin ọmọ-méjì ti Bìrìtéènì

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé méjì tó ń gbé àdúgbò kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdílé kìíní kọ́kọ́ bí ọmọ kan, lẹ́yìn náà ni ìbejì dé. Ìdílé kejì kọ́kọ́ bí ìbejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Ìdòwú. Ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ní. Iye tó ń wọlé fún wọn lóṣù kò yàtọ̀, owó ilé tí wọ́n ń san kò yàtọ̀. Síbẹ̀, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bìrìtéènì ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin ọdún 2017, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọ̀nyí, ìdílé kìíní á gba owó ìrànwọ́ lórí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdílé kejì á gba ti ìbejì nìkan. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí Ìdòwú. Ohun kan ṣoṣo tó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìgbà tí ìbejì yà sílé.

Ta ni yóò fọwọ́ sí irú òfin yìí tí kò bá mọ̀ bóyá òun gan-an ni Ìdòwú? Iṣẹ́ tí ìbòjú àìmọ̀ ti John Rawls, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, wà fún nìyẹn. Rawls ní ká ro ara wa bí ẹni tó fẹ́ ṣètò ìlú tí a máa gbé, ṣùgbọ́n tí a fi aṣọ bo ohun gbogbo nípa ara wa mọ́ wa lójú: a ò mọ ilé tí wọ́n máa bí wa sí, a ò mọ̀ bóyá olówó ni wá tàbí tálákà, a ò mọ ìlera wa, ẹ̀sìn wa, tàbí ẹ̀bùn tí a ní. Ìlànà tí a bá fara mọ́ nínú ipò yẹn, ó ní, òun ló tọ́, torí kò sẹ́ni tó lè gbè sẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ìbéèrè yìí, ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣubú. Wọ́n á ṣàlàyé Rawls fún ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n á wá fi ìlà mẹ́rin tó kẹ́yìn sọ pé ètò ìjọba náà dára tàbí kò dára. Bí èmi náà ṣe kọ àkọ́kọ́ tèmi nìyẹn. Olùkọ́ mi fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan tí mo kọ, pé gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú ni yóò fẹ́ kí ìrànwọ́ pọ̀ sí i. Ó kọ ìbéèrè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: «Owó ta ni?» Ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ tò sísàlẹ̀ yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wá a láti ọjọ́ náà. Òfin ọmọ-méjì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ òfin náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ tó dárúkọ Rawls

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti «ètò ìrànwọ́» lápapọ̀. Ìbòjú kò lè ṣe ìdájọ́ ohun tí kò ní ojú àti imú. Ẹ sọ ẹni tó ń gbà, iye tó ń gbà, ohun tó ń dí i lọ́wọ́, àti ìdí tí ìjọba fi ṣe é.

Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, kí òfin yìí tó dé, ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó máa ń gba owó kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ètò ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Yunifásà Kírẹ́dìtì, àti nínú ètò tó ṣáájú rẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ṣe ní 2016 ní kí ó dúró sórí ọmọ méjì. Ọmọ kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, tí wọ́n bá bí i ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin 2017 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí owó fún un. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìdílé lè pàdánù lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan tó pọ́n-ùn 2,780 lọ́dún. Owó ọmọ kékeré míì tí ìjọba ń san fún gbogbogbòò kò sí nínú rẹ̀, ẹ má pa á pọ̀.

Àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún jẹ́ mẹ́rin: ọmọ tí wọ́n bí pọ̀, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lábẹ́ òfin, ọmọ tí ìbátan ń tọ́ kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìfẹ́, nípa ìfipábánilòpọ̀ tàbí lábẹ́ ọkọ tó ń fi ipá darí rẹ̀. Ti ọmọ tí wọ́n bí pọ̀ yìí ní ìdíjú kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ọmọ méjì bá ti wà nílẹ̀ kí ìbejì tó dé, ọ̀kan nínú ìbejì ni wọ́n ń san owó lé lórí: kò sí owó fún Táyéwò, owó wà fún Kẹ́yìndé.

Ìdí tí ìjọba fi ṣe é ni pé kí àwọn tó ń gba ìrànwọ́ máa ro iye ọmọ tí agbára wọn gbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń fi owó iṣẹ́ wọn nìkan tọ́mọ ṣe ń rò ó. Ẹ kọ ìdí yìí sílẹ̀ láìbù ú kù, ẹ máa padà sórí rẹ̀. Ní 2024, ọmọ tó ń gbé nínú ilé tí òfin náà kàn ti tó mílíọ̀nù 1.6, ó sì ju ìdajì ilé wọ̀nyẹn lọ tí ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé òun yóò fagi lé e láti Oṣù Kẹrin 2026. Ìyẹn kò ba àròkọ yín jẹ́ rárá. Ìdájọ́ lórí ìdí ni ẹ ń kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé òfin náà sí ìpele tó yẹ ẹ́

Ibi tí ẹni tó ka Rawls dáadáa ti máa ń mọ ẹni tí kò kà á nìyí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1971, Rawls kò ní ká kó òfin kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìbòjú ká wá máa dìbò lórí rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ló tò. Ní ìpele kìíní, tó pè ní ipò ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìbòjú ki gan-an, ìlànà nìkan sì ni wọ́n ń yàn níbẹ̀. Ní ìpele kejì, wọ́n ń ṣe òfin ìpìlẹ̀ ìlú. Ní ìkẹta, wọ́n jókòó bí aṣòfin, wọ́n ń ṣe òfin bí irú èyí tí à ń wò yìí. Ní ìkẹrin, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń lo òfin náà fún lágbájá àti tẹ̀mẹ̀dù. Bí wọ́n ti ń kúrò ní ìpele kan bọ́ sí èkejì ni aṣọ ojú wọn ń fúyẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá kọ ọ́ pé «ẹni tó wà ní ipò ìpilẹ̀ṣẹ̀ yóò kọ òfin ọmọ-méjì», olùkọ́ lè bi yín bí ẹni náà ṣe mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Yunifásà Kírẹ́dìtì. Kò lè mọ̀ ọ́n. Ìpele kẹta ni òfin yìí wà. Bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀ nìyí: ní ipò ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n yan ìlànà méjì. Àkọ́kọ́ dáàbò bo òmìnira gbogbo ènìyàn lọ́gbọọgba. Èkejì ní kí àǹfààní ipò àti iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn bákan náà, àti pé bí àwọn kan bá máa ní ju àwọn kan lọ, àfi kó jẹ́ pé ètò náà ló ṣe ẹni tó kéré jù láǹfààní jùlọ. Apá ìgbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń pè ní ìlànà ìyàtọ̀. Aṣòfin tó jókòó ní ìpele kẹta ti mọ bí ìlú rẹ̀ ṣe rí, ó mọ ìlànà tí wọ́n ti yàn, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ara rẹ̀. Òun ni kí ẹ fi òfin ọmọ-méjì síwájú.

Ìpele yìí ló ń sọ bí ohùn yín ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Rawls fúnra rẹ̀ gbà pé ní ìpele aṣòfin, àwọn olóòótọ́ èèyàn lè yapa lórí bóyá òfin owó kan bá ìlànà ìyàtọ̀ mu, torí ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó wà nídìí ẹ̀ kì í sábà dájú. Nípa bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá kọ «òfin yìí kò lè ṣeé dá láre láé», ẹ ti sọ ju ohun tí irin-iṣẹ́ yín lè gbé lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí aṣòfin náà mọ̀, ohun tí kò mọ̀

Kò ṣòro fún Yorùbá láti fojú inú wo ìbòjú yìí, torí ìtàn tiwa náà ní ẹni tó ń yàn kó tó dé ayé. A ní ènìyàn a máa lọ sílé Àjàlá alámọ̀ láti yan orí, láìmọ èyí tó jiná dáadáa àti èyí tí òjò máa fọ́. Ìrántí yẹn wúlò, ṣùgbọ́n ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Nílé Àjàlá, orí tìrẹ nìkan lo ń yàn, ohun tó o yàn ló sì di tìẹ. Lẹ́yìn ìbòjú Rawls, o kì í yan orí. Òfin tí gbogbo orí máa bá láyé lò ń yàn, èyíkéyìí nínú àwọn orí náà ló sì lè já mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ wá lọ sórí òfin yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fi pamọ́ àti ìdí rẹ̀. Aṣòfin wa kò mọ̀ bóyá ọmọ kan ṣoṣo lòun tàbí ọmọ kẹrin, bóyá òun ni Táyéwò tàbí Kẹ́yìndé. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀sìn ilé rẹ̀ fàyè gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kò mọ̀ bóyá òun ni ẹni tó ń san owó orí tí kò bí ọmọ rárá, tàbí ìyá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí àbíkẹ́yìn pé ọmọ ọdún méjì. Kò tún mọ̀ bóyá òun jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń gbàgbé ìkẹyìn yìí, ẹ ó sì nílò rẹ̀ níwájú.

Ohun tó mọ̀ kò kéré. Ó mọ iye tí òfin náà máa fi pamọ́ fún ìjọba. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí máa ń kùnà, pé ìbejì kì í tọrọ àyè kó tó dé. Ó mọ̀ bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń ṣe nígbà tí owó bá dínkù.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ yìí wò. Fún nǹkan kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi sábẹ́ aṣọ, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa fi gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní bí ju ọmọ kan lọ máa ní kí olúkúlùkù ru ẹrù ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ márùn-ún wà nílé òun máa ní ọmọ ni ọrọ̀ ìlú. Tí ẹ kò bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sídìí tí ẹ fi fi nǹkan náà pamọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta gan-an ló kéré jù?

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì ń gbé àròkọ ga. Kì í ṣe ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe yín jù ni Rawls ń pè ní ẹni tó kéré jù. Ipò kan láwùjọ ni, tí à ń fi ohun kòṣeémánìí wọ̀n: òmìnira, àǹfààní, owó tó ń wọlé, àti ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀.

Nínú òfin ọmọ-méjì, ẹni àkọ́kọ́ tó máa wá sí yín lọ́kàn ni òbí tálákà. Ẹ dúró díẹ̀. Tí òbí bá jẹ́ ipò tí ẹ mú, àtakò tó máa dìde ni pé òun ló yàn láti bímọ, ẹ ó sì máa fi gbogbo àròkọ jà lórí yíyàn. Ọmọ ńkọ́? Kò yan ilé, kò yan òbí, kò yan ipò tó wà nínú ìtò àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú ìwé 1971, Rawls fi àwọn tó ń yàn lẹ́yìn ìbòjú ṣe bí olórí ìdílé, Susan Moller Okin, onímọ̀ nípa ìṣèlú, sì bá a wí lórí rẹ̀ ní 1989, pé èyí fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ògiri ilé pamọ́. Nígbà tó jẹ́ pé òfin tí à ń wò yìí inú ilé gan-an ló ń wọ̀, ìbáwí Okin wúlò fún yín: ẹ jẹ́ kí aṣòfin yín rántí pé òun lè jẹ́ ọmọ inú ilé náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ wo? Púpọ̀ nínú àwọn tó dé ibí máa ń sọ pé «ọmọ kẹta». Ẹ lọ wo bí ilé ṣe ń ná owó. Ìyá tí owó rẹ̀ dín pọ́n-ùn 2,780 lọ́dún kò ní ìkòkò ọbẹ̀ tó dá yàtọ̀ fún Ìdòwú. Ìkòkò kan ló ń gbé kaná. Ẹran tó yẹ kó gé sí mẹ́jọ, á gé e sí méjìlá kéékèèké, gbogbo ọmọ á sì jẹ díẹ̀díẹ̀. Bàtà ilé-ìwé tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ fún Táyéwò á tún lo oṣù mẹ́ta sí i. Òfin kọ orúkọ ọmọ kẹta, ṣùgbọ́n ọmọ àkọ́bí náà ń san nínú rẹ̀. Ipò tí ẹ ń wá ni ọmọ nínú ìdílé ńlá tí owó rẹ̀ kò tó, ohun yòówù kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣe.

Ẹ má sì fi mọ sí owó nìkan. Rawls ka ohun tó ń mú kí èèyàn bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ sí bóyá èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun kòṣeémánìí. Kí obìnrin tó lóyún láìfẹ́ tó lè gba owó lábẹ́ ìyọ̀ǹda kẹrin, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún ẹlòmíì tí yóò jẹ́rìí sí i, bíi nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Ẹ bi aṣòfin yín léèrè: tí o kò bá mọ̀ bóyá ìwọ ni obìnrin yẹn, ṣé o máa fọwọ́ sí òfin tó ní kó o kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù láyé rẹ kí ọmọ rẹ tó jẹun? Kò yẹ kí ẹ fi ìbéèrè yìí ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìparí àròkọ. Níbi tí ẹ ti ń ka ohun kòṣeémánìí ni àyè rẹ̀ wà, torí àdánù gidi ni, kò sì sí nínú ìṣirò pọ́n-ùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi òfin náà wé òfin míì tó ṣeé ṣe

Ìbéèrè olùkọ́ mi, «Owó ta ni?», ibí ni a ti ń dá a lóhùn. Ìlànà ìyàtọ̀ kò ní kí a bi ara wa bóyá òfin kan ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ó ní ká wo bóyá òfin míì wà, tó ṣeé ṣe, tí ẹni tó kéré jù máa sàn jù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òfin wé òfin, ẹ má fi wé ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ìdílé 10 ló wà. Mẹ́jọ nínú wọn ní ọmọ méjì-méjì, méjì ní ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo ọmọ wá jẹ́ 24. Lábẹ́ òfin ọmọ-méjì, ọmọ 20 ni wọ́n ń sanwó lé lórí, ní pọ́n-ùn 2,780 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: pọ́n-ùn 55,600 ni ìjọba ná. Nínú ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin, pọ́n-ùn 5,560 ló wọlé, tí a bá pín in fún ọmọ mẹ́rin, 1,390 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá mú pọ́n-ùn 55,600 kan náà, kí ẹ pín in dọ́gba fún ọmọ 24. Nǹkan bíi 2,317 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdílé ọlọ́mọ méjì pàdánù bíi 927 lọ́dún, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gòkè láti 1,390 dé 2,317, ìjọba kò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó lágbára jù tí ẹ lè sọ sí òfin náà. Ìjọba ní òun fẹ́ fowó pamọ́. Ó dáa, ká ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà míì wà láti fi iye kan náà pamọ́ tí kì í ṣe pé kí a gbé gbogbo ẹrù lé ilé tí ọmọ pọ̀ sí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìṣirò náà pa yín lọ́tí. Ọmọ mẹ́rin kì í ná ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ méjì ń ná: aṣọ ẹ̀gbọ́n ń di ti àbúrò, iná kan ni gbogbo wọn ń yá. Torí náà, tí a bá pín in dọ́gba pátápátá, ó lè jẹ́ ọmọ ilé ọlọ́mọ méjì ló máa wá kéré jù ní tòótọ́. Ohun tí ìṣirò fi hàn ni pé ibì kan wà láàárín méjèèjì, bíi kí owó ọmọ kẹta kéré sí ti èkejì láìjẹ́ òfo, tó sàn fún ẹni tó kéré jù ju òfin tó dá owó dúró lójijì lọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ síwájú, tí ẹ ní kí ìjọba san 2,780 fún gbogbo ọmọ 24, owó tó kù jẹ́ 11,120, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò ti wá. Bó bá wá láti orí àwọn tó wà lókè dáadáa, ìlànà ìyàtọ̀ gbà á. Bó bá wá láti inú owó àwọn aláàbọ̀ ara, ẹ ní láti padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ìdí tí aṣòfin yín kò fi ta tẹ́tẹ́

John Harsanyi, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti bá Rawls jà lórí èyí. Ó ní ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú, tó bá gbọ́n, á rò pé ipò kọ̀ọ̀kan lè já mọ́ òun lọ́wọ́ bákan náà, á sì yan ètò tí ìgbádùn rẹ̀ pọ̀ jù tí a bá pín in kárí. Ní ti Rawls, ètò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára jù ni yóò yàn. Ó fún wa ní ohun mẹ́ta tó mú kí ó bọ́gbọ́n mu: ẹni náà kò mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé ipò kan yóò kàn án, ohun tó lè rí jẹ lé orí èyí tó dá a lójú kò jọ ọ́ lójú púpọ̀, ohun tó sì lè kàn án tó bá ta tẹ́tẹ́ kò ṣeé fara dà.

Ẹ má kan da ohun mẹ́ta yìí sílẹ̀ kí ẹ kọjá lọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wà nínú òfin tiyín, torí ní ìpele aṣòfin, èyí àkọ́kọ́ ti ń yẹ̀: aṣòfin mọ iye ìdílé ńlá tó wà nílùú. Ọ̀nà tí mo rí tó dára jù láti gba ibẹ̀ kọjá ni kí ẹ fi hàn pé ìjà náà kò nípa lórí ìdájọ́ yín. Nínú ìṣirò wa, owó kan náà ni a pín, ọmọ kan náà, nǹkan bíi 2,317 ni ìpíndọ́gba lọ́nà méjèèjì. Pọ́n-ùn kan sì wúlò fún ilé tí kò ní ju fún ilé tó ní díẹ̀ lọ. Harsanyi fúnra rẹ̀ yóò kọ òfin ọmọ-méjì nínú ìṣirò yẹn. Nígbà tí àwọn méjì tó ń bá ara wọn jà bá fẹnu kò sórí ohun kan, ìdájọ́ yín ti ní ẹsẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kí àtakò tó lágbára jù sọ̀rọ̀ tán

Àtakò náà ni ti ìjọba fúnra rẹ̀. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń jí kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n dúró sórí ọmọ méjì nítorí pé owó wọn kò gbé ìkẹta. Kí ló dé tí owó orí wọn yóò fi tọ́ ọmọ kẹrin ẹlòmíì? Rawls kò dágunlá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1988, ó kọ ọ́ pé àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ gun ìgbì òkun létíkun Málíbù ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà bọ́ ara wọn, owó ìlú kò tọ́ sí wọn. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ìlú lójú rẹ̀, kì í ṣe àánú.

Ìdáhùn wà, kò sì yẹ kó jẹ́ ìbínú. Àkọ́kọ́, ju ìdajì ilé tí òfin kàn lọ ni ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà wọn kì í ṣe ará Málíbù. Ìkejì, àwọn kan bímọ nígbà tí owó wà, iṣẹ́ wá bọ́ tàbí ọkọ kú lẹ́yìn náà, wọn ò sì lè dá ọmọ padà. Ìkẹta, tó wúwo jù, ẹni tí a fi ìyà yíyàn jẹ kọ́ ló yàn. Ìjọba lè fèsì pé ìyà náà máa jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì ṣọ́ra. Ìdáhùn tó ṣeé yẹ̀ wò nìyẹn, ìlànà ìyàtọ̀ sì fàyè gbà á tí ìṣọ́ra náà bá ṣe ẹni tó kéré jù láǹfààní. Àwọn onímọ̀ tó wò ó ní Bìrìtéènì rí i pé bíbí ọmọ kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ìrẹ̀sílẹ̀ náà kéré, àìní sì pọ̀ sí i nínú àwọn ilé náà.

Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Bìrìtéènì kọ ẹjọ́ tí wọ́n pè tako òfin náà. Tí ẹ bá mẹ́nu kàn án, ẹ sọ pé ìbéèrè ilé ẹjọ́ ni bóyá òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú. Bóyá ó tọ́ láti ṣe é, ìbéèrè tiyín nìyẹn.

Ibi tí ìbòjú náà kò dé

Rawls ro ìlú tó ti ilẹ̀kùn: a bí ọ sínú rẹ̀, o kú sínú rẹ̀. Bìrìtéènì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí wà lórí físà tó kọ ọ́ gàdàgbà pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń san owó orí. Lójú wọn, ìjà lórí ọmọ kejì àti ẹ̀kẹta dà bí ìjà inú yàrá tí wọn kò gbà wọ́n láyè láti wọ̀. Tí aṣòfin yín kò bá mọ̀ bóyá ọmọ ìlú lòun tàbí àlejò, ìdájọ́ lè yí. Rawls kò fi ìyẹn sábẹ́ aṣọ, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì ń bá a jà lórí rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan tó fòótọ́ sọ ààlà yìí tó nínú àròkọ kúkúrú. Tí ẹ bá ṣí i gbọgbọrọ, àròkọ míì ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Bí ìpínrọ̀ ìdájọ́ ṣe ń rí

Ìpínrọ̀ tí mo máa ń rí nìyí: «Lẹ́yìn ìbòjú àìmọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá tálákà lòun, nítorí náà gbogbo ènìyàn yóò kọ òfin ọmọ-méjì torí kò ṣàánú tálákà.»

Èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ nìyí: «Aṣòfin tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìyàtọ̀, tí kò mọ̀ bóyá ọmọ inú ìdílé ńlá lòun, yóò rí i pé owó kan náà lè gbé ọmọ tó kéré jù ga tí a bá dín owó ọmọ kọ̀ọ̀kan kù díẹ̀díẹ̀ dípò kí a dá a dúró lórí èkejì. Àyàfi bí ìdádúró náà bá yí ìwà àwọn òbí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi jèrè, kò ní ìdí láti fọwọ́ sí i, ohun tí a sì rí kò fi irú èrè bẹ́ẹ̀ hàn.»

Kí ẹ tó fi àròkọ sílẹ̀, ẹ mú ìpínrọ̀ ìdájọ́ tiyín, kí ẹ yọ orúkọ òfin náà kúrò, kí ẹ fi «owó ìfẹ̀yìntì» sí i. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tó wà lókè yìí á ṣì kà dáadáa. Ìkejì á fọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí kò sí ọmọ kejì nínú owó ìfẹ̀yìntì. Tí tiyín kò bá fọ́, ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí ẹ padà sí.